"E ma binu ma": bí mo ṣe kọ ìwé àforíjì ránpẹ́ sí máníjà wa

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni mo fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́, nígbà tí aago 11 ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ máa ń yá àwọn onínàáwó ní kánópì, àga àti tábìlì. Kubwa ni ilé ìkẹ́rù wa wà, ṣùgbọ́n àárín ìlú Àbújá, ní Jabi, Wuse àti Garki, ni iṣẹ́ wa sábà máa ń bọ́ sí. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n sọ ibi tí a ń lọ fún awakọ̀ àti àwọn akẹ́rù, kí n sọ aago tí wọ́n gbọ́dọ̀ dé àti iye ẹrù tí a máa kó. Gúrúùpù Wáàsáàpù wa ni mo ti máa ń sọ ọ́. Àwa 11 la wà níbẹ̀: akẹ́rù 8, awakọ̀, akọ̀wé àti èmi. Máníjà wa ló ṣe ìkejìlá. Yorùbá la fi ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Hausa ni awakọ̀, àmọ́ Sábó ní Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí, ó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ wa tó dàgbà sí Àbújá lọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: lọ́la, ẹ máa wá láago 6 àárọ̀, kánópì 10 àti àga 300 ni a máa kó lọ Jabi, ẹ má gbàgbé okùn. Ohun tó hàn lójú fóònù gbogbo wọn nìyí:

```
Lola e ma was lago 6 are. Canopy 10 at aga 300 no a ma ko lo Jabi. E ma gbagbe okun
```

Ó ti rẹ̀ mí. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fi ránṣẹ́, mo sì sùn.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ náà díẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ìṣòro wà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kíbọọ̀dù fóònù mi mọ̀. Nígbà tí mo kọ "wa", ó rò pé mo gbàgbé lẹ́tà kan, ó sọ ọ́ di "was". Ó sọ "aro" di "are", ó sọ "ati" di "at". Ìyẹn kò bani lẹ́rù, ẹni tó bá ti pẹ́ lórí gúrúùpù wa mọ bí a ti ń fojú fo irú rẹ̀. Àmọ́ ó tún sọ "ni" di "no", ibi tó sì bọ́ sí nínú gbólóhùn náà burú gan-an.

Ti "ma" kì í ṣe ti fóònù. Èmi ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, bí mo ti ń kọ ọ́ láti ọdún pípẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló jáde nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Àkọ́kọ́ jẹ́ "máa", ìkejì jẹ́ "máa", ìkẹta jẹ́ "má". Tí a bá sì yọ àmì ohùn kúrò, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹni tó bá ka "e ma", tó tún wá bá "no" pàdé níwájú, kí ni kó rò? Ó máa rò pé mo ní kí wọ́n má wá, pé a ò kó nǹkan kan lọ Jabi mọ́. Ọmọ kan tilẹ̀ bèèrè pé "Lola wo?", ó fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín sí i, torí fóònù ti sọ "lọ́la" di orúkọ ọmọbìnrin.

Mo ti ronú sí i lẹ́yìn náà, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ tó bá dàrú pátápátá kò léwu tó èyí. Bí mo bá ti fi "gfhjk" ránṣẹ́ ni, ẹnìkan á ti pè mí lóru ọjọ́ náà pé kí ló dé. Èyí tí mo kọ yìí dàrú, ó sì tún ní ìtumọ̀ tirẹ̀, odindi ìtumọ̀ tó dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí ìdí láti bèèrè. Ẹni méjì kọ "Ok", ẹnìkan gbé àtàǹpàkò sókè. Nígbà tí mo jí, tí mo rí i, ọkàn mi balẹ̀ pé wọ́n ti gbọ́. Wọ́n kúkú ti gbọ́. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni kì í ṣe ohun tí mo sọ.

Ẹnìkan ṣoṣo ló bèèrè. Láago 5 àárọ̀, awakọ̀ pè mí. Ó ní, "Wàláì, ọ̀gá, ṣé ká wá ni àbí ká má wá?" Mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Mo ní, "Ẹ wá jàre, ẹ̀yin náà," mo sì gbé fóònù sílẹ̀. Mi ò bi ara mi léèrè ìdí tí àgbà awakọ̀ á fi pè láago 5 láti bèèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di aago 6, awakọ̀ àti akẹ́rù méjì péré ló wà lẹ́nu géètì. Àwọn méjèèjì ń gbé nítòsí awakọ̀, òun ló kàn sí wọn. Ní 6:15 mo pe ọ̀kan nínú àwọn tó kù. Oorun ṣì wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ká má wá." Mo ṣí gúrúùpù, mo ka ọ̀rọ̀ ara mi bí ẹni tí kò mọ ẹni tó kọ ọ́. Inú mi ṣe pẹ̀ẹ̀.

Mi ò kọ nǹkan kan nígbà yẹn. Mo pe àwọn mẹ́fà tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin dé kó tó di 7:30. Ọ̀kan ti gba iṣẹ́ míì ní Bwari, èkejì kò gbé fóònù. Ọkọ̀ tó yẹ kó kúrò ní 6:30 kúrò ní 7:40 pẹ̀lú akẹ́rù 6. Ẹ rántí pé títò kánópì kì í ṣe iṣẹ́ ẹni kan: ènìyàn mẹ́rin ló ń gbé òrùlé ọ̀kan sókè. Tí ẹni méjì bá dín nínú mẹ́jọ, dípò ẹgbẹ́ méjì tó ń tò lẹ́ẹ̀kan náà, ẹgbẹ́ kan àti àbọ̀ ló kù, àbọ̀ yẹn ò sì lè dá kánópì gbé.

Máníjà wa ti wà ní Jabi. Ìyàwó ni wọ́n ń gbé láago 11, àwọn alásè sì fẹ́ kí kánópì tiwọn ti dúró láago 9. Ní 7:35 ó fi fóìsì sórí gúrúùpù: "Níbo lẹ wà? Èmi nìkan ni mo dúró níwájú oníbàárà bí òpó iná."

Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti lọ sórí ọ̀rọ̀ àná. Wáàsáàpù ń jẹ́ kéèyàn tún ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ kọ, ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú 15 péré ni, ìyẹn sì ti lọ láti òru. Ó tún ń jẹ́ kéèyàn pa á rẹ́ lójú gbogbo ènìyàn fún bí ọjọ́ méjì. `Delete for everyone` wà níbẹ̀, ó ń wò mí. N ò purọ́, ó wù mí. Ohun tó dá mi dúró ni àwọn ọmọ mẹ́fà yẹn. Tí mo bá pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, `This message was deleted` ló máa kù, kò sì ní sí ohun tí wọ́n máa fi hàn máníjà pé kì í ṣe ọ̀lẹ ló mú wọn jókòó sílé. Ẹ̀rí wọn ni ọ̀rọ̀ burúkú yẹn. Mo fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, mo fa ọ̀rọ̀ mi yọ lábẹ́ rẹ̀: "Ẹ̀yin ará, ẹ wá ni mo fẹ́ kọ lálẹ́ àná. Bí mo ṣe kọ ọ́ ni kò dáa. Ẹni tí kò wá kò jẹ̀bi." Mi ò fi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò sì fèsì fóìsì máníjà níbẹ̀, torí mi ò fẹ́ kí àforíjì tó tọ́ sí i di ohun tí gbogbo akẹ́rù ń wò.

Nínú ilé Yorùbá, wọn kì í fi ìwé bẹ àgbà. Ìyá tó tó bí mi ni máníjà, ìdọ̀bálẹ̀ ló tọ́. Àmọ́ òun wà ní Jabi, èmi wà ní Kubwa, mò ń dúró de ọkọ̀ kó padà wá kó ìyókù àga. Mo pè é lẹ́ẹ̀kan, ó gé e. Ó yé mi: oníbàárà wà níwájú rẹ̀. Ìwé ló kù, ìwé kékeré tó lè kà lórí ìdúró. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ nìyí:

```
E kaaro ma. E ma binu ma. Foonu mi lo yi oro pada lale ana, ina o si, o si re mi. Awon omo yii naa o beere. Owo ara mi ni mo fi san moto awon to pe. E ma binu ma, ko ni sele mo
```

Ọpẹ́lọpẹ́ pé mi ò fi ránṣẹ́. Akọ̀wé wa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní èdè Yorùbá ní Ọ̀fà títí ó fi fẹ̀yìn tì, kó tó wá bá ọmọ rẹ̀ ní Àbújá. Mo gbé fóònù fún un. Ó wọ awò, ó sì kà á sókè bí ẹni tó ń ka ìwé fún kíláàsì: "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ máa bínú, mà." Ó dákẹ́. Ó tún dé ìsàlẹ̀: "Ẹ máa bínú, mà, kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́." Ẹ̀rín gbé e, ó bọ́ awò, ó nu ojú.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ tó bà ọ́ jẹ́ lálẹ́ àná lo tún fẹ́ fi bẹ̀bẹ̀ láàárọ̀ yìí?"

Bí mo ṣe tún gbogbo rẹ̀ wò nìyẹn. Ó ní kí n fi "ẹ má bínú" sílẹ̀ pátápátá, kí n kọ "ẹ forí jì mí", èyí tí kò sí bí wọ́n ṣe lè kà á sódì, bí kò tilẹ̀ ní àmì. Ó wá fi ìka lé "Foonu mi lo". Ó ní, "Ta ni 'ló' yẹn ń tọ́ka sí? Fóònù. O ti gbé ẹ̀bi fún fóònù kí ìyá náà tó dé ìlà kejì." Mo ní òótọ́ ni mo sọ, fóònù ló yí "ni" di "no". Ó ní, "Ta ni kò kà á kó tó fi ránṣẹ́?" Mi ò lésì. Mo wá rí ohun tó ń wí. Ó yẹ kí máníjà mọ ohun tó fà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní mọ bí a ṣe máa dènà rẹ̀. Àmọ́ ìdí kan náà lè jẹ́ àlàyé, ó sì lè jẹ́ àwáwí. Ẹni tí a bá fi síwájú gbólóhùn ló ń pín in.

Ti "awon omo yii naa o beere" ló bí i nínú jù. Ó ní irọ́ ni, awakọ̀ bèèrè. Ó ní bí kì í bá tilẹ̀ ṣe irọ́, ẹni tó bá ń bẹ̀bẹ̀ kì í na ìka sí ẹlòmíì. Ti owó mọ́tò náà, ó ní kí n yọ ọ́. Owó tó yẹ kí n san ni mo san, tí mo bá sì kọ ọ́ síbẹ̀, ìwé àforíjì á di ìwé gbèsè.

Mo bínú díẹ̀, mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo kọ "E foriji mi ma, asise mi ni." Ó wò ó, ó ní, "Àṣìṣe wo?" Òótọ́ ni. Máníjà lè máa rò nígbà yẹn pé oorun ló gbé mi lọ, tàbí pé ọkọ̀ ló bàjẹ́. Ẹ̀bẹ̀ tí kò dárúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀ á tún mú kí ó máa pè láti bèèrè, nígbà tí kò ní àyè.

Ibì kan ṣoṣo ni a ti bára wa jiyàn, orí ìpè aago 5. Mo ní máníjà kò mọ̀ nípa rẹ̀, kí ló dé tí mo fi máa fi ẹnu ara mi sọ ọ́? Akọ̀wé ní, "Ta ló ń wa ọkọ̀ lọ bá a?" Awakọ̀ ni. Kó tó pa ẹ́ńjìnnì ní Jabi, á ti ròyìn. Tí máníjà bá wá gbọ́ ọ lẹ́nu awakọ̀ lẹ́yìn tó ti ka ìwé mi, gbogbo ohun tí mo kọ á di ẹ̀tàn. Mo fi sí i.

Kíbọọ̀dù Yorùbá wà lórí fóònù akọ̀wé, òun ló bá mi tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú àmì, ó fi ránṣẹ́ sí mi, mo sì dà á kọ. Ní 8:05 mo fi èyí ránṣẹ́ sí máníjà nìkan:

"Ẹ káàárọ̀ mà. Èmi ni mo fa ìdádúró òní. Bí mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ sí gúrúùpù lálẹ́ àná, ó dà bí ẹni pé mo ní kí wọ́n má ṣe wá, mi ò sì tún un kà kí n tó fi ránṣẹ́. Awakọ̀ pè mí láago 5 láti bèèrè, mi ò fura. Ọkọ̀ kúrò ní 7:40, akẹ́rù 6 ló wà nínú rẹ̀. Mo ti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún gbogbo wọn. Láti òní, fóìsì ni n ó máa fi sọ aago àti ibi iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ forí jì mí. N ó ṣì wá bẹ̀ yín fúnra mi."

"Èmi ni mo fa" ló síwájú, torí pé ìlà kan tàbí méjì ni fóònù máa ń fi hàn kéèyàn tó ṣí i. Tí kò bá tilẹ̀ ráyè ka ìyókù, ó ti rí ẹni tó máa bá wí, kò ní sọ ìbínú rẹ̀ sí akẹ́rù lára. Aago àti iye ènìyàn tó ń bọ̀ wà níbẹ̀ torí wọ́n wúlò fún un níwájú oníbàárà ju ẹ̀bẹ̀ lọ: ó lè sọ ìgbà tí ọkọ̀ máa dé. Mi ò kọ "kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́". Fóìsì ni mo dárúkọ, èyí tó lè yẹ̀ wò bóyá mo ń ṣe é. Ohùn kúkú wà nínú fóìsì, "má" kò lè di "máa" níbẹ̀, méjì nínú àwọn akẹ́rù wa kò sì mọ̀wé kà dáadáa. Ó yẹ kí n ti máa ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Akọ̀wé tún fi nǹkan kan hàn mí bí a ti ń dúró. Ó ní kò dìgbà tí mo bá ní kíbọọ̀dù Yorùbá. Láti ìgbà àkọtọ́ 1974 ni wọ́n ti ní ká máa kọ fáwẹ́lì tó bá gùn ní méjì: "máa" ní "a" méjì, "má" ní ẹyọ kan. Tí mo bá ti kọ "maa" ní tòótọ́, kò sí àmì, síbẹ̀ wọn ò ní ṣì í gbọ́. Fún ìkìlọ̀, kí n máa fi "ṣe" tì í lẹ́yìn: "ma se wa". Mo bá wọ inú ètò kíbọọ̀dù mi, mo pa `Auto-correction` níbẹ̀ kó má bàa máa tún Yorùbá mi ṣe fún mi mọ́. Gẹ̀ẹ́sì mi ti wá kún fún àṣìṣe báyìí, àmọ́ ìyẹn kò tíì lé akẹ́rù sílé rí.

Kánópì tó gbẹ̀yìn dúró ní 10:30. Àwọn alásè ti dáná sínú oòrùn kó tó dìgbà náà, máníjà sì dín owó kù fún oníbàárà. Kò sọ iye rẹ̀ fún mi, mi ò sì bèèrè. Àwọn méjì tí kò wá kò rí owó ọjọ́ náà gbà. Ìwé tí mo kọ kò lè kan ìyẹn.

Ní 8:20 àmì méjèèjì di búlúù. Kò sí èsì. Mo ń wo fóònù bí ẹni tó ń dúró de èsì ìdánwò. Ó ti ń lọ sí 8:50 nígbà tí èsì dé:

```
Mo ti ri i. Ma bo
```

Mo wò ó. Mo gbé e fún akọ̀wé, òun náà wò ó, ó bọ́ awò, kò sì sọ nǹkan kan. Mo pe máníjà. Lọ́tẹ̀ yìí ó gbé e.

"Kí ló tún dé?"

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé kí n máa bọ̀ ni, àbí kí n má bọ̀?"

Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tí ó ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ ìmí, tí ó ń sọ fún ẹnìkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé ẹ wo ọmọ yìí.

"Máa bọ̀," ó ní. "Kí o sì gbé okùn dání. Wọ́n gbàgbé ẹ̀."